Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Gift Lẹ́nu Festus

Ní Odò-Orò, lẹ́bàá Ìkọ̀lé, ta ni ò mọ Festus? Iṣu àti kòkó ló ń gbìn, ṣùgbọ́n oko kọ́ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ògbufọ̀ ìjọ ni. Bí oníwàásù kan bá ti Èkó tàbí Àbújá dé, tó ń fi èdè Òyìnbó sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, Festus ni yóò dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù dúdú. Tí oníwàásù bá ké, á ké. Tó bá fò sókè, á fò. Bí ọkùnrin náà bá ní, "Mo ti jalè rí," Festus náà á ní, "Mo ti jalè rí," kò ní ṣẹ́jú. Òun náà ló máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ògbufọ̀ tó bá ń wí pé "ó ní, ó ní" ń pa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kú ni.

Ìdí nìyí tí Gift fi tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ Warri ni Gift. Àgùnbánirọ̀ ló bá dé Ìkọ̀lé, ó sìn tán, kò lọ mọ́, nítorí nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Máyọ̀wá. Ní gbogbo àkókò yẹn, Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" lọ. Máyọ̀wá sì ti là á yé e: ìyá ìyá òun, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, ló tọ́ òun láti kékeré. Ọkùnrin tó bá fẹ́ dẹnu ìfẹ́ kọ òun, ojú Yèyé ni kó ti ṣe é, kí Yèyé sì gbọ́ ọ yékéyéké. Bí Yèyé bá gbà, òun gbà. Bí Yèyé bá kọ̀, ó parí nìyẹn.

Yèyé kò gbọ́ èdè Òyìnbó kankan. Máyọ̀wá náà kò sì lè túmọ̀ rẹ̀. Ta ní í fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún ìyá àgbà pé ẹwà òun ń pa ọkùnrin?

Wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan. Yèyé jókòó lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Péjú, ìyàwó Festus, ń bá a bó o, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Yèyé. Festus ti kọ́ Gift bí wọn yóò ṣe ṣe é: kó máa sọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó dúró, kó má sì wo ògbufọ̀ lójú, Máyọ̀wá ni kó máa wò. Gift dọ̀bálẹ̀ fún Yèyé, ó dìde, ó kọjú sí Máyọ̀wá, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kóun tó mọ Máyọ̀wá, orí ìdúró lòun máa ń wà jẹun. Ó dúró, ó ń retí.

Festus la ẹnu láti sọ pé "mo," ni "mo" bá há sí i lọ́fun. Máyọ̀wá rèé níwájú rẹ̀, ọmọ tó gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Péjú rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbójú sókè láti ibi ẹ̀gúsí. Òun, alàgbà ìjọ, baba àwọn ọmọ, ni yóò wá wo ọmọdébìnrin lójú pé "mo" báyìí, "mo" bọ́hùn-ún? Ojú tì í, ó tì í dé egungun.

"Yèyé," ló wí, "ó ní òun mọyì ọmọ yín púpọ̀."

"Àmín," ni Yèyé dáhùn.

Gift ń bá a lọ. Festus ń mú gbogbo rẹ̀, ó ń gé e kúrú, ó ń da omi sí i. "Ó ní Ọlọ́run ló pa àwọn pọ̀." "Ó ní kò ní jẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́." Àmín, àmín. Máyọ̀wá tẹ orí ba, omijé ń bọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Gift sọ̀rọ̀ tán. Yèyé gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ o," ló wí. "Àmọ́ mè é gbà. Àwọn ọkùnrin kan ti jókòó ní ulé yìí rí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wí."

Gift kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú Máyọ̀wá. Ó bi Festus léèrè ohun tóun ṣì sọ. Kí ni Festus fẹ́ sọ? Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ pàdánù aya nítorí ojú tó ń ti àgbàlagbà. Máyọ̀wá, tó gbọ́ èdè méjèèjì, kò wò ó rárá. Ó bọ̀wọ̀ fún un ju kó pè é ní òpùrọ́ lọ, èyí sì burú ju kó pè é bẹ́ẹ̀.

Yèyé tún wo ọmọ rẹ̀, ó wo Festus. "Ọ̀rọ̀ tí o kó fún mi, mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, mè é sunkún. Kí lọmọ yìí wá ń sun ẹkún sí? Ọ̀rọ̀ tó pa á lẹ́kún ni kí o fún mi."

"Yèyé, ojú ló ń tì mí."

"Ojú kẹ̀? Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Ẹnu rẹ nìkan ni ó yá."

Festus bọ́ kóòtù. Ó ní kí Gift tún un sọ látòkè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lo Yorùbá orí pẹpẹ. Ohùn ilé ló fi sọ ọ́, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Máyọ̀wá, kí mo tó mọ̀ ọ́, òró ni mo ń wà jẹun, nítorí kò sí ẹni tí mo ń jókòó tì."

Yèyé dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

Gbólóhùn tó kàn le. Gift ní òun ṣubú sínú ìfẹ́. Bí Festus bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, Yèyé á béèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó rò ó díẹ̀. "Ufẹ́ rẹ wọ̀ mí lára, mi ò mọ̀gbà tó wọlé."

"Hẹ̀ẹ́n," ni Yèyé wí.

"Ìgbà tí ibà dá ọ wó, tí o bì sí mi láṣọ, ò ń bẹ̀ mí. Má bẹ̀ mí mọ́ nítorí àìsàn láé. Aṣọ mi, fún ọ ni."

"Hẹ̀ẹ́n."

"Ìyá mi jáde nílé nígbà tí mo kéré, kò padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọjú sí ulẹ̀kùn sùn. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́ ni mo tó kọ ẹ̀yìn sí i. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n máa sùn báyìí títí màá fi darúgbó."

Ohùn Festus ya lórí "jọ̀ọ́" yẹn. Kò tíì sọ ọ́ fún obìnrin kankan rí.

Yèyé fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń jókòó jẹun," ló wí, "ẹ fún un ní àpótí." Ó mi orí pé òun gbà. Máyọ̀wá bú sẹ́kún, ó sì gbà. Gift sọkún ju aya lọ.

Wọ́n yin Festus títí. Kò rí ojú gba ìyìn náà. Òun ló mọ̀ pé ìtìjú òun fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé tí wọn ò tíì kọ́.

Òun àti Péjú jọ ń rìn lọ sílé. Péjú bá a rìn títí wọ́n fi kọjá ilé ìwé. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Bàbá Ìdùnnú," ló wí jẹ́jẹ́, "gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n sọ láti ọjọ́ yìí?"

Festus la ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ kí òun tó túmọ̀ rẹ̀.