Ohùn Kẹta Nínú Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní àdúgbò Commerce, nílùú Bouaké. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ìlú wa fẹ́ ṣe ìwé pélébé kan nípa àwọn àgbà tó ti Gánà wá, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wa, tó jẹ́ pé Faransé àti Jùlá ló rọ̀ wọ́n lẹ́nu jù, mọ ọ̀nà tí a gbà dé ibí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àkọ́bí ilé wọn ni. Àdúgbò Kennedy ló ń gbé, Màmá Kennedy ni gbogbo wa sì ń pè é. Ìgbà ọyẹ́ ni mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀. Ìyá mi náà wà níbẹ̀, ó jókòó lẹ́yìn wa, ó ń pa ẹ̀pà. Ká tó rí ẹni bá wa tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, ìyá mi ti kú.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní yunifásítì ló tẹ̀ ẹ́. Ó fara balẹ̀ ṣe é. Ó fi aago síwájú gbogbo ọ̀rọ̀, kí a lè mọ ibi tó bọ́ sí nínú ohùn náà. Ó pe èmi ní Olùsọ̀rọ̀ Kìíní, ó pe Màmá Kennedy ní Olùsọ̀rọ̀ Kejì. Báyìí ló rí:

[00:14:06] Olùsọ̀rọ̀ Kejì: Lọ́rì ni a wọ̀.
[00:14:09] Olùsọ̀rọ̀ Kìíní: Ẹn-ẹ́n.
[00:14:10] Olùsọ̀rọ̀ Kejì: A ò mú nǹkan ẹlẹ́mìí kankan dání.

Ọmọ wo ni yóò ka irú èyí? Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo fi ti àkọ́kọ́ pa mọ́ láìfọwọ́ kàn án. Nínú ẹ̀dà yẹn, mo ní kí kọ̀ǹpútà wá àwọn aago náà nìkan, kó pa wọ́n rẹ́, kó má fọwọ́ kan ibi tí ọmọbìnrin náà kọ [ẹ̀rín] sí. Olùsọ̀rọ̀ Kìíní di Ìbéèrè, Olùsọ̀rọ̀ Kejì di Ìdáhùn. Mo yọ gbogbo “ẹn-ẹ́n” tí mo ń ṣe kúrò, mo so àwọn ọ̀rọ̀ Màmá tó gé kélekèle pọ̀ kí ìdáhùn kan lè jẹ́ ọ̀kan. Mo wá ń kà á látòkè.

“Ìdáhùn: Lọ́rì ni a wọ̀. A ò mú nǹkan ẹlẹ́mìí kankan dání. Àǹtí, ọmọ ológbò mi ńkọ́? Mo dì í mọ́ àyà títí a fi dé bọ́dà.”

Mo dúró. Àkọ́bí ni Màmá Kennedy. Ta ló ń pè ní àǹtí? Aago ti kúrò lójú ẹ̀dà tèmi, nítorí náà mo padà sí ti àkọ́kọ́, mo wá gbólóhùn náà rí, mo sì gbé ohùn lọ sí aago tó wà níwájú rẹ̀.

Mo gbọ́ ìró èèpo ẹ̀pà tó ń fọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìyá mi.

Ohùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀, ó dà bíi ti ọmọdé tó ń fẹjọ́ sùn. Mo pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gun tàsí-mótò, ọ̀kadà ti ibí, ó di Kennedy.

Màmá gbé fóònù náà sétí. Ó ní kí n tún gbé e sí i. Ìgbà tí yóò gbé e kúrò, ẹ̀rín àti omijé ti wà lójú rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni o,” ó ní. “A ò mọ̀ rárá, àfi ìgbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nyáó níwájú sójà. Sójà náà gan-an rẹ́rìn-ín.”

“Màmá, ìbéèrè tèmi àti ìdáhùn tiyín nìkan ni ẹgbẹ́ ní kí n kọ. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?”

“Kí o yọ ọ́ kẹ̀? Bí o bá sì fi í sẹ́nu mi, ó di pé èmi ni mo gbé ológbò. Fún un láàyè tirẹ̀.”

Mo ya ìdáhùn náà sí méjì. Lábẹ́ ti Màmá, mo kọ “Àbúrò rẹ̀ dá sí i,” mo sì tẹ ọ̀rọ̀ ìyá mi bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú “Àǹtí” rẹ̀. Ẹ̀rín Màmá tẹ̀ lé e.

Ojú ewé yẹn ni àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ ṣí báyìí. Wọ́n ń bi mí bóyá ológbò náà gbọ́ Yorùbá, tàbí Twi àwọn ará Gánà ló ń sọ. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ bi Màmá Kennedy.