Ọfà Tí Kò Kọjá Nísàlẹ̀ Ìwé

"Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ fi kọ́kọ́ máa ń gbé máòsì lọ sókè kí ẹ tó padà sápá òsì?"

Ìbéèrè tí ìyá kan gbọ́ lẹ́nu ìyàwó àbúrò rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú yàrá tí wọ́n ti ń to ojú ìwé ní ilé ìtẹ̀wé. Kò sí ẹ̀gún nínú ohùn tó fi béèrè. Ó tilẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀ kó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá yìí lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ: ojú ò rí i, àmọ́ téèyàn bá ti yíra padà báyìí, ó gún un.

"Ọwọ́ mi ni," ó dáhùn. "Mo sì mọ ibi tí mò ń gbé e lọ."

Àǹtí Ojú-ìwé ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé ń pè é. Ó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣa lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kò sẹ́ni tó fà á lọ́wọ́ kọ́ ọ. Ẹ̀yìn àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń dúró sí, bí ẹni tó ń wá nǹkan mìíràn, tó ń fi ojú jí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi mọ̀ ọ́n. Òun ló mú ìyàwó àbúrò rẹ̀ wọ iṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ níbi tí wọ́n yóò ti di ìwé pọ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà wọnú ìdìpọ̀ náà lọ.

"Ìyàwó" ni Àǹtí ń pè é nílé, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Kò pẹ́ tí gbogbo ibi iṣẹ́ náà fi ń pè é ní Ìyàwó, àfi bí ẹni pé gbogbo wọn ló san owó orí rẹ̀. Ọ̀gá tó jẹ́ pé "Àǹtí o!" ló ń ké láti ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, "Ìyàwó dà?" ló ń béèrè báyìí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó pọ̀n lẹ́yìn fúnra rẹ̀, tí kì í ra bàtà láì kọ́kọ́ mú un wá hàn án, "Ẹ jẹ́ kí n bi ìyàwó mi" ló wà lẹ́nu òun náà. Àǹtí ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń gbé mì lójoojúmọ́, ikùn kan náà ló ń lọ.

Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tú síta ni ìwé ńlá kan dé. Olùkọ́ àgbà kan ló kọ ọ́, ìwé ìtàn, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló sì ní àlàyé wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ibòmíràn wà tí àlàyé náà ga ju ìtàn gan-an lọ. Olórí yàrá ti fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé sì ṣófo. Ọ̀gá ní kí àwọn méjèèjì mú orí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde láìlábùkù ni yóò gba gbogbo ìwé náà, òun náà ni yóò jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

Àga yẹn ni Àǹtí ti ń wò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wọlé wá jókòó sí i, kó máa pàṣẹ fún un? Kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì ló dáa jù.

Ọ̀gá ti ra síkíríìnì ńlá fún àwọn méjèèjì, oríṣi kan náà. Ìwé àfọwọ́kọ wà lójú láptọ́ọ̀pù lápá òsì, ojú ewé tí wọ́n ń tò wà lójú síkíríìnì ńlá lápá ọ̀tún. Ti Ìyàwó ń lọ geerege. Ti Àǹtí ní tirẹ̀, àrùn wà níbẹ̀. Bó bá ti máòsì láti òsì sọ́tùn-ún, ọfà kékeré tó ń tẹ̀ lé máòsì lójú síkíríìnì á kọjá, ṣùgbọ́n òkè lọ́hùn-ún ni yóò ti yọ, kì í ṣe ibi tí ojú ń retí rẹ̀. Ìpadàbọ̀ ló burú. Bó bá wà nísàlẹ̀ síkíríìnì ńlá, nídìí àlàyé wẹ́wẹ́ yẹn, tó fẹ́ padà wo ìwé àfọwọ́kọ, ọfà á dé etí, á dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tó kan ògiri. Á máa tì í, kò ní lọ. Àfi kó gbé e gòkè, gòkè, kó tó rí ibi tó là, kó kọjá, kó tún sọ̀ kalẹ̀. Àlàyé kan, ìrìn àjò kan. Ìwé tó kún fún àlàyé!

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún mi ní èyí tó bàjẹ́ ni," ó sọ nínú ara rẹ̀. Ó gbójú wo ọ̀dọ̀ Ìyàwó. Ọfà tirẹ̀ ń kọjá bí omi lórí ilẹ̀ dídán. Ojú Àǹtí pọ́n.

Ó ronú. Òkè ni ọfà ti ń kọjá, láptọ́ọ̀pù sì wà nílẹ̀. Nígbà náà, láptọ́ọ̀pù ló rẹlẹ̀ jù. Ó lọ kó àwọn ìwé tí kò tà, ó tò wọ́n sábẹ́ rẹ̀ títí orí láptọ́ọ̀pù fi bá orí síkíríìnì ńlá dọ́gba. Ká sòótọ́, ọfà ti ń yọ níbi tí ojú ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì ń rọ̀ lókè bíi ti ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn tó ga jù ú lọ.

Ọ̀gá wọlé, ó dúró.

"Àǹtí, ṣé ìwàásù lẹ fẹ́ ṣe ni? Kí n pe ìjọ wá?"

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín rẹ̀ kò ju ti ọmọ tó rí ológbò tó yọ̀ ṣubú, àmọ́ Àǹtí gbọ́ ọ délé.

Nílé, èjìká rẹ̀ ń ro ó. Àbúrò rẹ̀ rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi bá yín wo kọ̀ǹpútà yẹn."

"Ìyàwó rẹ, ìyàwó rẹ! Ta ló ń wò ó kí ìyàwó rẹ tó dé?"

Ọkùnrin náà gbé oúnjẹ rẹ̀, ó wábi gbà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Àǹtí kò jókòó. Ó dúró nídìí tábìlì Ìyàwó. "Gbé síkíríìnì ńlá rẹ wá. Gba tèmi."

"Ẹ̀yin náà lẹ ni ín, Àǹtí mi." Ó dìde, ó yọ okùn, ó gbé e fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bí Àǹtí nínú jù. Èèyàn tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò jà, kò mọ bó ti gbà á.

Ó so ó mọ́ tirẹ̀. Ó ti máòsì. Gbagidi! Ògiri kan náà.

Kó tó kọ hàà, ó gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn. "Ẹ ò rí nǹkan! Ọfà tèmi náà ti ń kan ògiri."

Inú Àǹtí dùn. Ó dùn bíi ti ẹni tí òjò ká mọ́ ìta, tó bojú wẹ̀yìn tó rí i pé òjò ti pa aládùúgbò rẹ̀ náà. Bí wọ́n bá so síkíríìnì mìíràn mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà a máa tò ó bó ṣe wù ú. Àṣé àrùn náà kì í ṣe ti síkíríìnì. Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ mú bébà lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó dúró sẹ́yìn Ìyàwó, ó ń ka bébà òfìfo.

Ìyàwó tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí àyè tó ṣófo, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò síkíríìnì. Àpótí méjì wà níbẹ̀, kékeré àti ńlá, wọ́n fara kanra. Ó tẹ ibì kan. Nọ́ńbà ràgàjì yọ lójú láptọ́ọ̀pù, òmíràn yọ lójú síkíríìnì ńlá, kí ó lè mọ èwo ni èwo. Orí àwọn àpótí náà ló dọ́gba. Ìdí kékeré so rọ̀ sókè, ìdí ńlá sì ta yọ nísàlẹ̀ láìní aládùúgbò.

"Ibi tí àpótí ò ti kan ara wọn, ibẹ̀ ni ògiri," Ìyàwó ń wí, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Lórí tábìlì ìdí ló dọ́gba, níbí orí ló dọ́gba." Ó mú àpótí kékeré, ó fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ìdí rẹ̀ fi bá ìdí ńlá dọ́gba. "Òkè ló máa wá di ògiri báyìí. Kékeré ò lè bo ńlá tán. Ibi tí iṣẹ́ ẹni wà la ó ṣí ọ̀nà sí." Ó tẹ bọ́tìnì tó ń fọwọ́ sí ètò tuntun náà. Ọfà kọjá nísàlẹ̀, wọ́ọ́rọ́.

Ó ṣe é jẹ́jẹ́ púpọ̀. Ọwọ́ Ìyàwó kì í lọ́ra bẹ́ẹ̀. Kò sì bojú wẹ̀yìn rárá.

Nígbà tí Ìyàwó jáde lọ jẹun, Àǹtí kó ìwé kúrò lábẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ó ṣí ibẹ̀, ó fa àpótí wálẹ̀, ó ti máòsì. Ògiri! Ó ku díẹ̀ kó ṣépè. Ó tún wò ó: kò tíì fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Ọfà kọjá láti ẹsẹ̀ ìwé bọ́ sínú ìwé àfọwọ́kọ bí ọmọ tó ń wọlé ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ tó ti ń to ìwé kí wọ́n tó bí Ìyàwó rí ọ̀nà rẹ̀. Orí tirẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, kò rí àléébù kan.

"Àǹtí Ojú-ìwé! Ẹ mà yára lójijì. Kí lẹ ṣe?"

Ìyàwó dúró níbẹ̀, bébà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Àǹtí, kò ju orúkọ ẹnì kan lọ.

"Mo wá ìdí rẹ̀," ó ní, "mo sì rí i."

"Àgbà nìyẹn," Ọ̀gá wí. "Ẹ gba àga yín."

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ kú oríire, Àǹtí mi." Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Àǹtí wá ìlara nínú ojú náà, kò rí i, ó sì dùn ún pé kò rí i. Ó rò pé bí òun bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, owú náà á kú. Kò kú. Tẹ́lẹ̀, ọfà tó ń kọjá ló ń jowú sí. Ní báyìí, bí a ṣe ń kọ́ ẹni tó juni lọ láìdójú tì í ló ń jowú sí, èyí kò sì sí nínú ohun tí a lè dúró sẹ́yìn ẹni kà.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n jọ ń lọ sílé. Ìyàwó ló gbé báàgì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe. Òjò ti rọ̀. Àǹtí la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dé. Ó tún là á.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀."

"Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

Ìyàwó ló dúpẹ́. Ọpẹ́ tí Àǹtí jẹ ẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé, kò sì san án.