Ohùn Ìyá Mi Nínú Etí Bàbá Mi

Bàbá mi ni olórí akọrin ìjọ wa ní Sabon Gari, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé etí òun ti ń di. Ẹ̀yìn ìsìnkú ìyá mi ló tó jẹ́wọ́ fún mi pé òun ò gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ sínú fóònù, tó fi ránṣẹ́ láti ọsibítù ní Ọ̀fà ní ọjọ́ mẹ́ta kó tó kú. Ariwo fáànù nìkan ló gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo bi í lọ́jọ́ tí ohùn náà dé, ó ní ìyá mi ń gbàdúrà fún wa ni. Mo sì ṣe àmín.

Mo lọ ra íápíìsì aláìníwáyà lọ́jà. Mo so ó mọ́ fóònù bàbá mi, mo sì gba áàpù ilé iṣẹ́ tó ṣe é sórí rẹ̀. Ibì kan wà nínú áàpù náà tí a ti ń tún ìró ṣe. Mo fa ìró ìsàlẹ̀, níbi tí fáànù ti ń kùn, wálẹ̀. Mo gbé èyí tí ohùn èèyàn ti máa ń já gaara sókè díẹ̀díẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "O ti lé àwọn béèsì kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin."

Ó fi í sí etí. Ohùn ìyá mi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi bá gbé ọwọ́ bo etí ọ̀tún, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá ohùn orin. Ó yíjú sí mi.

"Obìnrin kan ń bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tí mo fẹ́. Ìyá rẹ kì í bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì."

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ọwọ́ bá pẹ́ lára íápíìsì náà, ó máa ń pe olùrànlọ́wọ́ inú fóònù, ọ̀rọ̀ tó ń lọ á sì dúró. Mo ní kó má fọwọ́ bo etí mọ́. Ó gbìyànjú; ọwọ́ náà tún gòkè fúnra rẹ̀. Mo padà sínú áàpù, síbi tí wọ́n ti ń yan iṣẹ́ fún ìfọwọ́kàn. Mo pa gbogbo rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí ó má ṣe ohunkóhun bí a bá fọwọ́ kàn án.

Ó bo etí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ ọ dópin.

Ó yọ íápíìsì náà kúrò létí.

"Ó ní kí n wá," ló sọ. "Ó ní kí n má dúró de Àjíǹde."

Orin Àjíǹde ló ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin lọ́sẹ̀ tí ìyá mi fi ohùn náà ránṣẹ́, ìdí tí kò fi lọ sí Ọ̀fà nìyẹn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó gbọ́ ọ. Mo ń dúpẹ́ síbẹ̀, àmọ́ n kì í lè ṣe àmín sí àdúrà náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá mi dìde níwájú àwọn akọrin, ó sọ fún wọn pé etí òun ti di, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.