Ìwé Owó-Oṣù Orí Ikùn

Bí ẹ bá gbé bébà tí òǹkà kún inú rẹ̀ lé Aláwòfín lọ́wọ́, ojú rẹ̀ á kàn mọ́lẹ̀ ni, bí ojú ọmọdé tí wọ́n fún ní súìtì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé lógójì ọdún, ẹ̀rín rẹ̀ sì tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Kí ó tó dé ọ́fíìsì tó wà yìí, ó ti ṣiṣẹ́ agbowó fún ọdún púpọ̀ níbi ìtajà bàtà kan, níbi tí ó ti kọ́ láti ṣírò nígbà tí oníbàárà ṣì ń tú àpò. Ìtajà náà kógbá wọlé, ṣùgbọ́n àṣà náà kò kúrò lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, máa ń ní ìyàwó òun nìkan ló lè máa ka ìwé iná mànàmáná kí ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọ́fíìsì náà kò tóbi. Iṣẹ́ wọn ni láti bá àwọn onílé wá ayálégbé. Tábìlì mẹ́ta wà níbẹ̀, fáànù kan tó ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, àti ògiri tí kọ́kọ́rọ́ kọ́ sí lára bí èso. Ọ̀gá, ọkùnrin sísanra tí awò ojú rẹ̀ kì í kúrò níwájú orí, ní òfin kan ṣoṣo tí kò ṣeé bá a jiyàn lé: owó tí ayálégbé ń mú relé lóṣooṣù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé. Kì í ṣe owó tí wọ́n kọ sókè ìwé, owó àmúrelé ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ń yọ.

"Owó orí ìwé kì í san owó ilé," ni Ọ̀gá máa ń wí. "Owó tó bá wọ àpò ló ń sàn án."

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, yàrá méjì kan tó ní ilé ìdáná tirẹ̀ ṣẹ́ kù. 55,000 ni owó rẹ̀ lóṣù. Onígbàjámọ̀ kan, ìyẹn ọkùnrin tó ń gẹ irun ní òpópónà ẹ̀yìn, ti sọ pé òun ń bọ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ béèrè. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé búrẹ́dì ńlá; ìyàwó lóyún ìbejì, oyún náà sì ti dàgbà. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ. Ọkọ ti fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè tiwọn, ìwé owó-oṣù nìkan ló kù. Ọ̀gá ní bí ó bá fi máa di ọ̀sán tí kò tíì sí nílẹ̀, onígbàjámọ̀ ló nilé.

Fọ́tò náà dé sórí fóònù Aláwòfín láàárọ̀. Ó wò ó, ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Bébà náà wú láàárín bí àkàrà. Ó pe ìyàwó.

"Ìyàwó, ẹ kú ìkúnra o. Orí kí lẹ gbé ìwé yìí lé?"

"Orí ikùn mi ni, Àǹtí. Ẹsẹ̀ mi wú, mi ò lè dìde, ọkọ mi sì ń sùn sórí apá mi kejì. Ẹ má bínú, àwọn ọmọ inú mi yìí ló ń ta bébà náà nípàá. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n dúró, wọn ò gbọ́."

Aláwòfín gbé fóònù jìnnà sí ẹnu kí ẹ̀rín tó pa á. Ó sọ fún Ọ̀gá pé ìbejì ló ń ta ìwé owó-oṣù bàbá wọn nípàá. Ọ̀gá fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ṣé wọ́n ti ń jà sí owó ilé ni?"

Aláwòfín mú báírò. Apá òkè ìwé náà ni owó tí wọ́n ń san fún ọkùnrin náà: owó iṣẹ́ gan-an 150,000, owó ìrànwọ́ ilé, owó ọkọ̀ 20,000, owó iṣẹ́ alẹ́ 12,400. Àpapọ̀ rẹ̀ hàn kedere: 212,400. Owó ìrànwọ́ ilé yìí ló ṣe é ní kàyéfì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé búrẹ́dì náà ti ń tú yíǹkì dànù, gbogbo ẹ̀ta tó tẹ̀ ló jọ ẹ̀jọ, gbogbo ẹ̀jọ ló jọ ẹ̀ta. Ṣé 30,000 ni àbí 80,000?

"Èyí kò le," ni ó wí. Bí ó bá jẹ́ 80,000, àpapọ̀ á di 262,400, ìwé sì ní 212,400. Nítorí náà, 30,000 ni. Ó na ìka sí i bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gba ìdáhùn.

Ó sọ̀kalẹ̀ sí apá tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń yọ sí. Owó orí 14,600. Owó ìfẹ̀yìntì 16,000. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù 10,000. Èyí tó kẹ́yìn ni owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì tún jẹ́ ẹ̀ta tàbí ẹ̀jọ: 3,000 tàbí 8,000. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpapọ̀ àyọkúrò wà, ó jọ 43,600, ó tún jọ 48,600. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, owó àmúrelé: 168,800 tàbí 163,800.

"Yọ ọ́," ni Ọ̀gá wí. "Yọ àyọkúrò kúrò nínú àpapọ̀, kí a mọ ibi tí a wà."

Ó yọ ọ́. Bí owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 3,000, àyọkúrò jẹ́ 43,600, ó sì ku 168,800. Ó bára mu. Ó ṣe é ní ọ̀nà kejì. Bí owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 8,000, àyọkúrò jẹ́ 48,600, ó ku 163,800. Ìyẹn náà bára mu.

Ó gbé báírò sílẹ̀. Ó wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó. Ìṣirò méjèèjì jókòó sáàárín wọn bí olè méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Ìlọ́po mẹ́ta 55,000 ni 165,000. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ta, ilé ti di tiwọn, owó sì ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jọ, 1,200 ni wọ́n fi pàdánù ilé, ìyá ọkọ á sì máa bá ọmọ méjì sùn nínú yàrá kan.

"Ẹ jẹ́ ká fi sí ẹ̀ta," ni Aláwòfín wí, ó ń dán Ọ̀gá wò.

"Ẹ jẹ́ ká fi sí ẹ̀jọ," ni Ọ̀gá dáhùn. "Ta ni kí n ṣàánú, onílé àbí ìwọ?"

"Ẹ̀ta ni o, ẹ̀jọ ni o, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa."

Ó tún fọ́tò náà wò. Nígbà náà ni ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bébà náà ti ré kọjá ojú fọ́tò. Ó rí ìdajì ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "Láti ìbẹ̀rẹ̀". Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ àròpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìwé owó-oṣù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ti oṣù. Ó fò lórí àga rẹ̀ débi tí fáànù fi yí orí sí i. Ó tún pe ìyàwó.

"Ìyàwó, apá ọ̀tún ìwé náà ni mo ń wá. Ẹ gbé e kúrò lórí ikùn."

Fọ́tò àkọ́kọ́ dé: iná fóònù ti sọ gbogbo rẹ̀ di funfun. Fọ́tò kejì: àtàǹpàkò kan, ó tóbi bí ìgbín. Èyí tó tẹ̀ lé e: àjà ilé nìkan. Ohùn ìyàwó ń dún lórí fóònù, ó ń wí pé, "Ìyá, ẹ dì í mú, ẹ má fi ojú yín dí i."

"Ta ni Ìyá?"

"Ìyá ọkọ mi ni, Àǹtí. Àwọn ló ń di bébà mú lára ògiri. Ẹ̀rín ń pa wọ́n."

Fọ́tò ìkẹyìn dé. Bébà náà dúró gbọọrọ lára ògiri, ọwọ́ àgbà kan dì í mú ní igun, gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ̀ta àti ẹ̀jọ ṣì jọ ara wọn bí ìbejì, nítorí yíǹkì ni, kì í ṣe fọ́tò. Ṣùgbọ́n Aláwòfín kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Oṣù kẹta ọdún ni ìwé náà. Owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: 9,000.

"Mẹ́sàn-án," ni ó pariwo. "Ọ̀gá, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mẹ́ta. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ni à bá rí níbí."

Ọ̀gá gbé awò ojú wọ̀ dáadáa. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n yọ iye mìíràn lóṣù tó kọjá."

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ wo owó àmúrelé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún."

506,400 ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi ìka pín in sí mẹ́ta lórí tábìlì, ètè rẹ̀ ń mì. 168,800. Ó tún un pín, nítorí kò gba Aláwòfín gbọ́ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ 163,800 ni, 491,400 ni ìbá wà níbẹ̀. Ó rọra gbé òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ ìwé ìbéèrè wọn bí ẹni tó ń pa eṣinṣin.

"Pè wọ́n. Sọ fún ọkọ pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ kí onígbàjámọ̀ tó dé."

Ọkọ náà dé láìpẹ́. Ó wọ ẹ̀wù tó kọ inú síta, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun rẹ̀, oorun sì kún ojú rẹ̀ bí omi. Ó kí Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, ó kí fáànù lẹ́ẹ̀kan. Aláwòfín mú kọ́kọ́rọ́, ó mú un lọ wo ilé náà, nítorí pé ọkùnrin náà ní ìyàwó òun kìlọ̀ pé kí òun má padà wá láìmọ̀ bí bẹ́ẹ̀dì á ṣe gba inú yàrá.

"Ṣé ẹ mú okùn ìwọ̀n wá?"

"Rárá, mà. Ara mi ni mo máa fi wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀dì wa ò gùn jù mí lọ."

Ó nà gbalaja sórí ilẹ̀ yàrá kejì, orí sí ògiri, ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ààyè ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún fún ibùsùn kékeré méjì. Aláwòfín fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ní ó dára púpọ̀. Ó bojú wolẹ̀: ọkùnrin náà ti sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìyẹ̀fun díẹ̀ já sórí sìmẹ́ńtì.

Ó dúró díẹ̀, ó ń di ẹ̀rín mú. Lẹ́yìn náà ó jáde sí kọ̀rídọ̀, ó pe fóònù.

"Ìyàwó, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ọkọ yín ti kó wọlé."