Excel Tí Ń Ṣí Ara Rẹ̀

Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ìbàfò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, ọ̀gá wa ní Ìfọ̀ máa ń wo dashboard Excel wa, ojú ewé tó ń fi títà wa hàn, kó tó pinnu ohun tí ọkọ̀ máa gbé wá. Èmi ni mo máa ń dé láti Mowe, tí mo máa ń ṣí i, tí mo máa ń tẹ Refresh kí títà ọjọ́ tó ṣáájú lè wọlé láti database. Ó ti sú mi.

Mo wá kọ script kan, ìtọ́ni fún kọ̀ǹpútà, sínú Task Scheduler tó ń mú un ṣiṣẹ́ lákòókò tí mo yàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á fúnra rẹ̀ ṣí Excel, á refresh, á save, á sì tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wo fáìlì náà lórí fóònù nílé. Àárọ̀ yẹn ló ní òun save. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀gá pè. "Ṣé ẹ ò ta nǹkan kan lánàá ni?"

A tà, a tà gan-an. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ni mo rí i pé mo fi background refresh sílẹ̀ láìpa á. Script náà ní kí Excel lọ mú data wá, kò dúró kó dé, ó ti save. Títà ọjọ́ méjì ṣáájú ló fi déètì àárọ̀ yẹn sí lára. Inú bí mi. Mo pa background refresh, mo sì gbé déètì títà tó gbẹ̀yìn sókè dashboard.

Kò tíì kùnà mọ́. Síbẹ̀, n kì í tíì fọ ẹnu tí mo ti ń wò ó.

"Ṣebí o ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é?" ìyàwó mi bi mí láàárọ̀ yìí.

Mo tún wo òkè dashboard lórí fóònù. Déètì títà náà ò tíì yí, ìjẹta ló ṣì wà níbẹ̀.