Níbùú, Lóòró, àti Oríkunkun Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, torí ó ti sú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ẹ-Rọra ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ ọ́, torí pé tó bá ti jókòó tì yín nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì máa gbẹ̀yìn. Sùúrù rẹ̀ kò lópin. Ó lè fi gbogbo àárọ̀ kọ́ ẹnì kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn wọ ààyè láàárín mọ́tò méjì. "Ẹ wo ìwọ̀n mọ́tò yín, kẹ́ ẹ sì wo ìwọ̀n ààyè," ni yóò máa wí. Ọkùnrin yìí kan náà ni mo sọ fún pé àwòrán ní ìwọ̀n, tó ní àríyànjiyàn mi ti pọ̀ jù.

Àwòrán ìpolówó ni mo ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Gbogbo ọjọ́ ni oníbàárà ń wọlé tí yóò ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó tóbi." Kó tóbi báwo? Ṣé kó gùn ni àbí kó fẹ̀? Ibo lẹ ti fẹ́ lò ó? Wọn á máa wò mí bí ẹni pé mo bèèrè orúkọ ìyá wọn. Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ìyá ẹni yàtọ̀ o!

Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà iwájú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n wó ilé náà, ó sì kó lọ sí ẹ̀yìn ilé epo tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Ni àwọn èèyàn bá ń sọ pé Ẹ-Rọra ti kógbá wọlé. Ìforúkọsílẹ̀ tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mọ́tò méjì ló ní, èyí tó dára jù nínú wọn ló ní bíréèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì dúró ti mẹkáníìkì títí wọ́n fi ṣe é. Ó sọ fún èmi àti ìyàwó rẹ̀ pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò bá dé lọ́tẹ̀ yìí, òun máa ta mọ́tò náà.

Bí mo ṣe ṣe posítà nìyẹn. Èmi ni mo ro àkọlé rẹ̀: A KÒ TÍÌ KÓGBÁ WỌLÉ. Èyí tí wọ́n máa fi sórí sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù, mo fi píkísẹ́lì, àmì tíntìntín tí a fi ń wọn àwòrán, ṣe é ní 1080 níbùú, 1920 lóòró, kó lè kún ojú fóònù. Mo fi ààyè sílẹ̀ lókè, torí orúkọ ẹni máa ń bo ibẹ̀, mo fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń dáhùn. A KÒ TÍÌ wà ní ìlà kìn-ín-ní, KÓGBÁ WỌLÉ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi tó fara ti mọ́tò, pẹ̀lú "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìgbẹ́kẹ̀lé yín." Nísàlẹ̀ ni ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, àdírẹ́sì tuntun àti nọ́ńbà fóònù wà. Mo tún ṣe òmíràn tó dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 1080 sí 1080, fún ojú ewé Ínsítágíráàmù, gbogbo ọ̀rọ̀ pé sínú rẹ̀. Mo ṣe èyí tó fẹ̀ fún òkè ojú ewé Fesibúùkù, mo kó ọ̀rọ̀ sí àárín, torí kọ̀ǹpútà àti fóònù kì í gé etí rẹ̀ bákan náà. Mo kọ orúkọ ibi tí kálukú ń lọ sára rẹ̀. Kí ló tún kù tí èèyàn ì bá ṣe?

Ẹ-Rọra wò wọ́n, ó ní, "Àbúrò mi, àwòrán kan náà kọ́ ni gbogbo èyí?"

"Wọn kì í ṣe ìkan náà, Bọ̀dá. Ìwọ̀n wọn yàtọ̀."

"Èmi náà ni mo wà nínú gbogbo wọn."

Ó pa méjì rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀, ó ní wọ́n ń gba ààyè. Ó mú èyí tó gùn, ó gbé e síbi gbogbo. Kò sì sọ fún mi!

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbé e sí Ínsítágíráàmù, ibẹ̀ ní kó gé e sí ìwọ̀n tó dọ́gba. Bọ̀dá tẹ "ó dára", ó kọjá lọ. Òjìlélẹ́gbẹ̀rin píkísẹ́lì lọ, ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀. A KÒ TÍÌ bá ti òkè lọ. Ọjọ́, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà bá ti ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tó kù ni KÓGBÁ WỌLÉ, ẹ̀gbọ́n mi tó fara ti mọ́tò, àti "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìgbẹ́kẹ̀lé yín." Ti Fesibúùkù tún ya ni lẹ́nu jù: ikùn rẹ̀ àti dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò nìkan ló hàn lókè ewé.

Àwọn èèyàn ń fi àmì ojú tó ń sunkún ránṣẹ́. Wọ́n ń kọ "Ó mà ṣe o" àti "Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò." Ẹ-Rọra ń dáhùn "Àmín" sí gbogbo rẹ̀! Ó tún ń fi yangàn fún ìyàwó rẹ̀ pé ìpolówó náà ti wọ àwọn èèyàn lára.

Èmi ò mọ nǹkan kan àfìgbà tí nọ́ọ̀sì kan, tí òun náà kọ́ mọ́tò wíwà lọ́dọ̀ Bọ̀dá, wọlé wá tẹ káàdì, tó na posítà náà sí mi lórí fóònù rẹ̀, tó ní, "Ẹ kú àfaradà o. Ọmọ mi ni mo fẹ́ mú wá, àmọ́ mo ti sanwó fún un níbòmíràn."

Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó. Orí mi fò lọ. Mo pe Bọ̀dá, mo pariwo débi pé àwọn tó ń tẹ̀wé dá ẹ̀rọ dúró.

"Bọ̀dá, ẹ ti kéde òkú ara yín!"

"Òkú kẹ̀? Ta ló kú?"

"Ẹ ka ohun tí ẹ gbé síbẹ̀. Ẹ kà á sókè."

Ó kà á. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Kí n tó délé, mo ti fi fóònù mi wọ ojú ewé rẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò, mo gbé èyí tó tọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tó gbọ́ àlọ kọ́ ló máa ń gbọ́ àbọ̀. Àwọn èèyàn ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ káàkiri.

Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, mo bá Bọ̀dá àti ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn ilé epo. Àwọn tó wá kò kún bẹ́ǹṣì kan. Ọkùnrin kan wá, inú wa dùn, àṣé ó wá bèèrè bóyá a máa ta àwọn àga ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wọnú ilé lọ. Mo ti kó èébú jọ sẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú Bọ̀dá, mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá sí yàrá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó fi fọ́tò mọ́tò náà hàn mí, bíréèkì ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ hàn dáadáa nínú rẹ̀.

"Àbúrò mi," ó ní, "bá mi ṣe posítà fún un, mo fẹ́ tà á. Ṣe é ní gbogbo ìwọ̀n tó yẹ. Kọ́ mi ní ibi tí kálukú ń lọ."

Mo kọ́ ọ. Ó gbé kálukú sí ààyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ṣi ìkankan gbé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló hàn láti òkè délẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì ni wọ́n wá ra mọ́tò náà lọ.