Ọmọ Tó Dákẹ́

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, ariwo SAP, ètò ọrọ̀ ajé tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, sì gba ìlú kan. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà. Èmi wà nílé ní Agége pẹ̀lú ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, n kò ní ìyá tàbí àǹtí kankan nítòsí. Ẹni tí mo gbójú lé ni obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ojú irin. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun náà ní ọmọkùnrin kan tó ti ń sáré kiri.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ikọ́ mú àwọn ọmọ méjèèjì. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ń wúkọ́ bí ẹni ń lu agolo. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń ké, gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ti tèmi kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó kàn dákẹ́, ara rẹ̀ tó ti ń gbóná sì wá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu láàárọ̀, kò gbà á. Mo ní oorun ló ń kùn ún.

Ẹ̀gbọ́n ló ní ká jọ lọ sí ọsibítù kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. "Ìyàwó, sìn mí dé ọ̀hún. Ìwọ náà á gba oògùn ikọ́ fún tìrẹ."

Pẹ̀lú gbogbo ariwo ọmọ Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì kò kánjú. Ó ní kí ọmọ náà sinmi ẹkún ná. Ẹ̀gbọ́n ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ń jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì wá ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ń wo àyà rẹ̀, ó ń wo aago, ó ń ka mímí rẹ̀ sínú fún odindi ìṣẹ́jú kan.

"Ikọ́ àti kàtá ni, pẹ̀lú ibà. Mímí rẹ̀ kò yára, ó ń jẹun, ó ń mumi. Ẹ máa fún un ní oògùn yìí. Bó bá ń mí ṣáṣá, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ẹ gbé e padà wá kíákíá."

Mo tú ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́yìn. "Tèmi ti ń gbádùn, mà."

Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó tún gbójú sí aago.

"Ìgbà wo ló ti mu ọmú kẹ́yìn?"

"Lánàá, mà. Oorun ló ń kùn ún."

"Èyí kì í ṣe oorun." Ó pàtẹ́wọ́ létí rẹ̀, ó fọwọ́ ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà lajú díẹ̀, ó tún pa á dé. Ó ní kí n fi ọmú sí i lẹ́nu. Kò mu ún, wàrà kàn ń ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Wo ibí yìí." Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti fa èémí sínú, ibẹ̀ á jìn wọlé. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mò ń wò. "Mímí rẹ̀ ti kọjá àádọ́ta dáadáa ní ìṣẹ́jú kan. Òtútù àyà ni, ó sì ti le. Ọsibítù ńlá ni ẹ ó gbé e lọ, nísinsìnyí. Wọ́n ní atẹ́gùn tí wọ́n ń fún ọmọ níbẹ̀, àwa ò ní."

Atẹ́gùn? Fèrèsé ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ tí wọ́n ta sí ojú fèrèsé náà. Òtútù wo ló sì wà nínú oòrùn tó ń ràn yìí?

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí, "bóyá ẹ ti ṣi àwọn ọmọ yìí mú fún ara wọn. Ìyẹn lẹni tó ń ké."

"N kò ṣì wọ́n mú. Agbára ẹkún ni èyí kò ní mọ́."

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé orí ọmọ náà sókè, kí n bò ó kí òtútù má mú un, kí n má sì ro nǹkankan sí i lẹ́nu. Bẹntiróòlù wọ́n bí ojú lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kò sí lójú títì. Ẹ̀gbọ́n pọn ọmọ tirẹ̀, ó sáré lọ sí ilé búrẹ́dì tó ti ń rajà, ó sì bẹ awakọ̀ wọn tó fẹ́ gbé búrẹ́dì lọ sí Allen ní Ìkẹjà, lọ́nà ọsibítù ńlá, pé kó gbé wa. Àárín páálí búrẹ́dì gbígbóná la jókòó sí.

Wọn kò dá wa dúró rárá ní ọsibítù ńlá. Wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà tínrín tí atẹ́gùn ń gbà wọlé sí imú ọmọ mi, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́. Mò ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Ṣé ẹ̀yin ni dókítà?" Ẹnìkan tiẹ̀ jẹ́ agbálẹ̀.

Ọkọ mi délé nírọ̀lẹ́. Àwọn ará ilé sọ fún un pé wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ló rò pé wọ́n ń sọ. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó ń dúró dè mí. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ọkọ mi kí i kú ewu ọmọ.

"Ọmọ tiyín ni o!" Ẹ̀gbọ́n figbe ta.

Ọkọ mi bá mi ní ọsibítù pẹ̀lú ẹ̀wù tó wọ̀ sódì. "Ṣebí ó ti ń gbádùn láàárọ̀?" Mo tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìhà ọmọ náà fún un. A jókòó, à ń wo àyà ọmọ wa títí.

Ó mu ọmú lọ́jọ́ kejì, ó mu díẹ̀, ó sinmi, ó tún mu. Nígbà tó ṣe, wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Títí di òní, bí èmi àti Ẹ̀gbọ́n bá ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wa kì í bára mu. Ó ní òun ló gbé ọmọ náà mọ́ra nínú ọkọ̀ búrẹ́dì, pé ọmọ tòun ló wà lọ́wọ́ mi. Èmi ní èmi ni mo gbé ọmọ mi. Ọmọ náà, tó ti di ìyá ọmọ báyìí, a máa rẹ́rìn-ín sí wa.